Bí A Ṣe Ń Fi Yúríà Sọ Pòpórò Àgbàdo Di Oúnjẹ Àgùntàn, àti Ibi Tí Mọlásíìsì Ti Wúlò

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sin àgùntàn àti màlúù ní ìhà Òkè-Ògùn àti Ìbàràpá ló ti gbọ́ pé yúríà lè sọ pòpórò àgbàdo gbígbẹ di oúnjẹ tó ṣeé gbé ẹran la ẹ̀ẹ̀rùn já. Wọ́n gbẹ́ ihò, wọ́n da pòpórò sí i, wọ́n bu yúríà sínú omi, wọ́n sì bò ó. Nígbà tí wọ́n ṣí i, àwọn kan rí i pé gbogbo rẹ̀ ti bu funfun, àwọn kan rí i pé ó ṣì gbẹ háháhá bí ìgbà tí wọ́n kó o wọlé, àwọn mìíràn sì gbé e fún ẹran lójú ẹsẹ̀, ẹran sì kọ̀ ọ́. Ohun tó fa èyí kì í sábà ju mẹ́ta lọ: ìwọ̀n omi tí wọn kò wọ̀n, afẹ́fẹ́ tó ráyè wọlé, àti mọlásíìsì tí wọ́n pò mọ́ yúríà níbi tí kò yẹ kó dé.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a ya iṣẹ́ àwọn nǹkan méjèèjì sọ́tọ̀. Nígbà tí omi bá kan yúríà lára pòpórò, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó wà lára pòpórò náà máa ń sọ ọ́ di amóníà. Amóníà yìí ló ń tú okun líle inú pòpórò, tó ń jẹ́ kó wú kó sì rọ̀, tí díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ń dúró síbẹ̀ láti bọ́ àwọn kòkòrò tó wà nínú àpòlúkù ẹran. Pòpórò tí purotéènì inú rẹ̀ wà ní nǹkan bíi ìdá 3 sí 5 nínú 100 lè fi bẹ́ẹ̀ dé ìdá 7 sí 9. Mọlásíìsì, ìyẹn omi dúdú kíki tó máa ń ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ṣúgà lára ìrèké, kò lè tú okun kankan. Agbára ló ń fún ẹran, ó sì ń mú kí oúnjẹ dùn lẹ́nu wọn. Nítorí náà, inú ihò tí a dé pa ni yúríà ti ń ṣiṣẹ́, ibi tí ẹran ti ń jẹun ni mọlásíìsì ti ń ṣiṣẹ́.

Ohun tí a nílò

Àpẹẹrẹ tí n ó lò jálẹ̀ ni ti ẹni tó ní àgùntàn 10, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó kílò 25, tó sì fẹ́ fi ọjọ́ 60 bọ́ wọn nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Bí àgùntàn kọ̀ọ̀kan bá ń jẹ ìdajì kílò pòpórò lójúmọ́, ní ìwọ̀n ìgbà tó ṣì gbẹ, kílò 5 ni gbogbo wọn yóò jẹ lójúmọ́, kílò 300 sì ni fún ọjọ́ 60. Ihò méjì ni yóò gbà á, kílò 150 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fún ihò kan, ẹ wá àwọn nǹkan wọ̀nyí:

– Pòpórò àgbàdo gbígbẹ kílò 150. Kó má ti bu, kí òjò má sì ti pa á jẹrà.
– Yúríà kílò 6. Èyí tí wọ́n kọ 46-0-0 sí lára àpò rẹ̀ ni ẹ gbọ́dọ̀ rà.
– Omi lítà 75.
– Ọ̀rá tó nípọn, tó gbòòrò tó láti tẹ́ inú ihò kó sì tún bò ó lórí.
– Òṣùwọ̀n, korobá tó ń gba lítà 10, kéènì abomirin, àdá tàbí ẹ̀rọ agékoríko.
– Fínígà, fún àkókò ewu. Ẹ rà á sílẹ̀ ṣáájú, torí kò sí àyè láti máa wá a kiri nígbà tí ẹran bá ti ń gbọ̀n.

Lórí ọ̀rọ̀ ajílẹ̀, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Ajílẹ̀ alápòpọ̀ tí a ń lò sí oko àgbàdo, irú èyí tí wọ́n kọ 15-15-15 sí lára, kì í ṣe yúríà, kò sì sí ọgbọ́n tí a lè dá sí i tí yóò fi ṣe iṣẹ́ yìí. Bí ẹni tó ń tà á bá ti da ajílẹ̀ sínú ike, tí ẹ kò rí àpò rẹ̀, ẹ má rà á.

Ìpele 1: Ẹ gé pòpórò, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n

Ẹ gé pòpórò sí wẹ́wẹ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má gùn ju ìka ọwọ́ kan lọ. Èyí tó bá gùn kì í jẹ́ kí òkìtì kì mọ́ra, afẹ́fẹ́ yóò sì wà láàárín rẹ̀. Bákan náà, àgùntàn yóò máa ṣa ewé jẹ, yóò sì fi ìtí rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá ń lo koríko ìrẹsì kò nílò làálàá yìí tó bẹ́ẹ̀, torí koríko ìrẹsì tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń kì fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn gígé, ẹ kó o sínú àpò, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n ní kílò 15, kílò 15. Àpò 10 ni yóò jẹ́. Ìfojúdá ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ níbí, torí pòpórò fúyẹ́, ó sì máa ń tan ojú jẹ: òkìtì tó ga tó ènìyàn lè má ju kílò 40 lọ.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ mú ẹ̀kúnwọ́ pòpórò, kí ẹ fún un. Bí ó bá ró fáfá tó sì ṣẹ́, ó gbẹ tó. Bí ó bá tẹ̀ láìṣẹ́, tó sì ṣì ní àwọ̀ ewé lára, ẹ sá a sí i. Pòpórò tútù ṣì ní adùn nínú, adùn yìí sì léwu nínú ihò yúríà, gẹ́gẹ́ bí n ó ṣe ṣàlàyé nísàlẹ̀.

Ìpele 2: Ẹ gbẹ́ ihò

Ihò tó gùn ní mítà 1 àti ààbọ̀, tó fẹ̀ ní mítà 1, tó sì jìn ní mítà 1, yóò gba kílò 150 bí a bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ẹ yan ilẹ̀ tó ga, lábẹ́ ibòji, níbi tí omi kò lè ṣàn dé. Bí ikán bá wà níbẹ̀, ẹ wá ibòmíràn, torí ikán yóò lu ọ̀rá náà kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Ẹ yọ gbogbo gbòǹgbò tó yọrí nínú ihò kí ẹ tó tẹ́ ọ̀rá, kí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀rá náà pọ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó èyí tí a ó ṣẹ́ bò ó lórí.

Ìpele 3: Ẹ po yúríà, korobá kan fún àpò kan

Ìpele yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi ara balẹ̀ kà. Àṣà tó wọ́pọ̀ ni pé kí a da gbogbo yúríà sínú àgbá omi kan, kí a sì máa wọ́n ọn títí yóò fi tán. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ìpele ìsàlẹ̀ mu àmuyó, nígbà tí a bá sì dé òkè, omi ti tán. Ìsàlẹ̀ yóò jẹrà, òkè yóò sì gbẹ. Ọ̀nà tí mo ń gbà yẹra fún èyí ni pé kí a po omi tiẹ̀ fún àpò kọ̀ọ̀kan.

Fún àpò kílò 15 kan, ẹ wọn yúríà gíráàmù 600, kí ẹ sì dà á sínú omi lítà 7 àti ààbọ̀ nínú korobá. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ẹ dà á sínú agolo, kí ẹ fa ìlà sí ibi tó dé, kí agolo náà sì máa ṣe òṣùwọ̀n yín títí iṣẹ́ yóò fi parí. Omi náà yóò tutù lójijì bí yúríà ṣe ń yọ́. Ẹ má bẹ̀rù, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ìtutù yìí náà ló ń jẹ́ kó pẹ́ kó tó yọ́ tán, nítorí náà ẹ máa rò ó títí.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fi ọwọ́ kan ìsàlẹ̀ korobá. Bí ẹ bá ṣì ń gbọ́ hóró yúríà lábẹ́ ìka yín, kò tíì yọ́ tán. Hóró tí kò yọ́, tó kó jọ síbi kan lára pòpórò, lè di májèlé lẹ́nu àgùntàn tó bá jẹ ẹ́.

Ìkìlọ̀: ẹ má fi korobá omi yúríà sílẹ̀ nígbà kankan láìsí ènìyàn níbẹ̀. Ní ọdún kan, mo gbàgbé ìdajì korobá sẹ́yìn ilé, mo sì lọ jẹun. Ewúrẹ́ méjì ló já okùn wá mu ún, kò sì sí èyí tó yè nínú wọn. Omi tó bá ṣẹ́kù, ẹ dà á sí oko, kí ẹ sì fọ korobá lójú ẹsẹ̀.

Ìpele 4: Ẹ tò ó, ẹ wọ́n ọn, ẹ tẹ̀ ẹ́

Ẹ da àpò kan sínú ihò, kí ẹ tẹ́ ẹ dọ́gba, kí ẹ sì fi kéènì abomirin wọ́n korobá kan yípo rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ tàbí àmúga yí i po kí omi lè kan gbogbo rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ènìyàn méjì wọ inú ihò, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, pàápàá ní àwọn igun. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ títí àpò 10 yóò fi tán. Ó dára kí òkè rẹ̀ yọ díẹ̀ bí ẹ̀yìn ìjàpá, kí omi òjò má baà dúró lé e.

Ìdí tí a fi fẹ́ lítà 50 omi fún kílò 100 pòpórò ni pé láìsí omi tó tó, yúríà yóò kàn wà níbẹ̀ bí iyọ̀ ni, kò ní di amóníà. Bí omi bá sì pọ̀ jù, yóò ṣàn lọ sísàlẹ̀ pẹ̀lú yúríà, ìsàlẹ̀ yóò sì jẹrà.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan láti àárín, kí ẹ fún un le. Ọwọ́ yín yẹ kó tutù rinrin, ṣùgbọ́n omi kò gbọdọ̀ máa kán láti àárín ìka yín. Bí omi bá ń kán, ẹ po pòpórò gbígbẹ díẹ̀ mọ́ ọn kí ẹ tó tẹ̀síwájú.

Ìpele 5: Ẹ dé e pa

Ẹ ṣẹ́ ọ̀rá náà bò ó, kí etí rẹ̀ gun ara wọn, kí ẹ sì fi ẹrẹ̀ lẹ ojú ibi tí wọ́n ti pàdé. Ẹ wa erùpẹ̀ lé gbogbo òkè rẹ̀, kó nípọn tó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Kì í ṣe kí nǹkan má baà gbé ọ̀rá lọ nìkan ni erùpẹ̀ yìí wà fún. Ó ń lé afẹ́fẹ́ jáde, ó sì ń dènà eku. Amóníà fúnra rẹ̀ kì í jẹ́ kí pòpórò bu, ṣùgbọ́n ihò kékeré kan tó bá ń tú u síta yóò jẹ́ kí gbogbo àyíká ibẹ̀ bu.

Ẹ kọ ọjọ́ náà sára igi, kí ẹ rì í mọ́ ẹ̀gbẹ́ ihò. Ọjọ́ 21 tó nígbà tí oòrùn ń mú. Bí ọyẹ́ bá ń fẹ́, tí òru sì tutù, ẹ fún un ní ọjọ́ 28, torí òtútù ń fa iṣẹ́ náà sẹ́yìn. Kò sí àǹfààní kankan nínú kí a máa ṣí i wò láàárín ọjọ́ wọ̀nyí. Mo mọ̀ pé ọkàn yóò máa fà yín síbẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ní ọjọ́ kẹta, ẹ rìn yí ihò náà ká ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí afẹ́fẹ́ kò tíì máa fẹ́. Bí òórùn bí ìtọ̀ tó ti pẹ́ bá ń ta yín nímú níbi kan, ibẹ̀ ló ń jò. Ẹ fi ẹrẹ̀ dí i, kí ẹ sì da erùpẹ̀ lé e.

Ìpele 6: Ẹ ṣí i, kí ẹ sì dá a lẹ́jọ́

Ẹ dúró síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀ láti ẹ̀yìn yín, kí ẹ ṣí igun kan ṣoṣo, kí ẹ sì sún sẹ́yìn fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Èéfín amóníà tó kọ́kọ́ jáde lè ta ojú, kó sì mú èémí ènìyàn há, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ọmọdé wà nítòsí.

Pòpórò tó jinná dáadáa máa ń ní àwọ̀ búráùn bí àwọ̀ oyin tó ti dàgbà. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, yóò rọ̀, kò ní ṣẹ́ fáfá mọ́. Òórùn rẹ̀ yóò ta imú, ṣùgbọ́n kò ní rùn bí ohun tó jẹrà. Bí àwọ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ ti àtijọ́, tí kò sì sí òórùn kankan, ó ṣeé ṣe kí omi má tó, tàbí kí amóníà ti jò lọ tán. Bí ó bá gbẹ, tí hóró yúríà sì hàn lára rẹ̀, ẹ má fún ẹran rárá. Ibi tó bá bu funfun tàbí dúdú, ẹ gé e kúrò pẹ̀lú ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan ní àyíká rẹ̀, kí ẹ sì kó o lọ sí ààtàn. Fífọ̀ tàbí sísá kò ní mú májèlé inú rẹ̀ kúrò.

Ẹ bu kìkì èyí tí ẹran yóò jẹ lọ́la, kí ẹ sì dé ihò padà. Ẹ tẹ́ èyí tí ẹ bù pẹlẹbẹ sábẹ́ ibòji fún odidi ọ̀sán àti òru kan, kí amóníà tó pọ̀ jù lè fẹ́ lọ. Àwọn tí ẹran wọn kọ oúnjẹ yìí, ọ̀pọ̀ wọn ni kò ṣe èyí. Ẹ rántí pé ó ti mu omi, nítorí náà kílò 5 pòpórò gbígbẹ ti di nǹkan bíi kílò 7 àti ààbọ̀ báyìí. Ẹni tó bá wọn kílò 5 tútù, tó rò pé òun ti kúnjú ìwọ̀n, ń fi ebi pa ẹran rẹ̀ ni.

Ìpele 7: Mọlásíìsì, níbi tí ẹran ti ń jẹun

Ẹ po ìdajì lítà mọlásíìsì mọ́ lítà 1 àti ààbọ̀ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ sì wọ́n ọn sórí oúnjẹ ọjọ́ kan fún àgùntàn 10 náà, ní kété tí ẹ fẹ́ gbé e fún wọn. Bí ẹ bá wọ́n ọn sílẹ̀ láti alẹ́, eèrà àti eṣinṣin ni yóò jẹ ẹ́, yóò sì kan. Bí ìgbẹ́ ẹran bá ń ṣàn, ẹ dín mọlásíìsì náà kù sí ìdajì.

Ìkìlọ̀ tó tóbi jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí rèé: ẹ má da mọlásíìsì sínú ihò yúríà. Bí adùn àti amóníà bá pàdé nínú ooru ibi tí a dé pa, wọ́n lè di májèlé kan tó máa ń mú kí ẹran sáré kiri bí ẹni tí orí rẹ̀ dà rú, kó máa fi orí gbá ògiri, kó sì máa gbọ̀n. Májèlé yìí a tún máa gba inú wàrà kọjá sára ọmọ tó ń mu ún. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí a ki ewé ìrèké, koríko tútù tàbí èèpo ẹ̀gẹ́ tútù bọ inú ihò náà.

Ìpele 8: Ẹ fi mọ́ wọn lára

Ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, kí pòpórò yìí jẹ́ ìdá mẹ́rin oúnjẹ wọn kan, kí ìyókù jẹ́ èyí tí wọ́n ti mọ̀. Ẹ máa pọ̀ ọ́n sí i títí di ọjọ́ kẹwàá. Ẹran tí ebi ti pa láti àná kò gbọdọ̀ fi í bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fún un ní koríko lásán. Omi mímu gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà, pẹ̀lú òkúta iyọ̀ tí wọn yóò máa lá. Ẹran tó ń jẹ àpọ̀jẹ nìkan ló wà fún: ẹ má fún ẹlẹ́dẹ̀, ẹṣin tàbí ehoro, ẹ má sì fún ọ̀dọ́ àgùntàn tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, torí àpòlúkù rẹ̀ kò tíì gbó.

Bí àgùntàn kan bá jẹun tán, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìfófó lẹ́nu, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, tí inú rẹ̀ wú, tó sì ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ láàárín wákàtí kan, yúríà ló mú un. Ẹ kó oúnjẹ náà kúrò níwájú gbogbo wọn. Bí ó bá ṣì lè gbé nǹkan mì, ẹ po ìdajì lítà fínígà mọ́ ìdajì lítà omi tútù, kí ẹ sì rọ ọ́ sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ti màlúù ńlá lè tó lítà 4 fínígà pẹ̀lú omi tútù púpọ̀. Ẹ pe dókítà ẹran lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Èyí tó bá ti dùbúlẹ̀ tí kò lè gbé nǹkan mì mọ́, ẹ má rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu, torí inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ni yóò gbà.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ohun tó ń ṣẹ́ kù níbi tí wọ́n ti ń jẹun kò yẹ kó ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi okùn wọn àyà àgùntàn mẹ́ta yípo lẹ́yìn ọwọ́ iwájú, kí ẹ so kókó síbi tó dé, kí ẹ sì tún wọ̀n wọ́n lẹ́yìn oṣù kan. Bí okùn bá ṣì bá kókó náà mu, oúnjẹ náà ti ṣe ohun tí agbára rẹ̀ ká, nítorí pòpórò àti yúríà nìkan kì í mú ẹran sanra. Kò kàn ní jẹ́ kó rù ni. Bí okùn náà bá tú sílẹ̀, ẹ fi ẹ̀kúnwọ́ méjì eérí àgbàdo tàbí èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ kún ti àgùntàn kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ewé agúnmánìyè díẹ̀. Ẹni tó bá ń sin àgbò fún ọdún Iléyá yóò fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kún un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ihò kìíní yóò gbé àgùntàn 10 náà fún nǹkan bí ọjọ́ 30. Ẹ lè kún ihò kejì ní ọjọ́ tí ẹ bá ṣí ti àkọ́kọ́, bí oòrùn bá ń mú, yóò sì ti jinná kí ti àkọ́kọ́ tó tán. Ní ìgbà ọyẹ́, ẹ kún un ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí àyè lè wà.